Aṣọ mẹ́ta tí wọ́n ní ká máa wọ̀ léra fún òtútù òkè òkun, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Tádé_Ọ̀bàIlé:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Jánúárì tó ń bọ̀ yìí ni mò ń lọ kàwé ní Wínípẹ́ẹ̀gì ní Kánádà. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń sọ pé kí n máa wọ aṣọ mẹ́ta léra, ọ̀kan sára, ọ̀kan sáàárín, ọ̀kan síta. Mi ò tíì rí òtútù tó ju ọyẹ́ Àkúrẹ́ lọ rí. Kí ló dé tí n ò kàn lè ra jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó nípọn dáadáa? Kí sì ni iṣẹ́ ìkọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Láti ilé tí mo gbà dé ibi tí mo ti máa wọ bọ́ọ̀sì tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan rárá.

Bọ̀dá_Ìjàpọ̀:
Àbúrò, má da ara ẹ láàmú. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta okirika l'Ọ́jà Ọba, ra jákẹ́ẹ̀tì tó bá wúwo jù tóo bá rí, wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀, jíìnsì méjì nísàlẹ̀, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Tòróńtò ló sọ fún mi pé bí aṣọ bá ṣe ń pọ̀ sí i lára ni ooru ń pọ̀ sí i. Aṣọ tó bá wúwo ló máa ń mú ooru wá.

Àbúrò_Lísà:
Bọ̀dá, ẹ kú ìmọ̀ràn, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín o, aṣọ tó pọ̀ léra dáa ju ẹyọ kan lọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yẹn àti jíìnsì méjì ni mi ò fara mọ́, màá sọ ìdí ẹ̀. Ọmọ Ọ̀ndó ni mí, Sásíkátúùnù ní Kánádà ni mò ń gbé, ìta ni iṣẹ́ mi, ẹsẹ̀ ni mo fi ń pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé, ìgbà òtútù, ìgbà ooru.

Tádé, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé ẹ ni pé kò sí aṣọ tó ń mú ooru wá. Ara ẹ ló ń ṣe ooru, aṣọ kàn ń dá a dúró ni, bí fúláàsì ṣe ń tọ́jú tíì tó gbóná láì jẹ́ pé òun ló sè é. Ohun tó sì ń dá ooru yẹn dúró kì í ṣe òwú aṣọ fúnra ẹ̀ o, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú yẹn ni, afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan tí ò lọ tí ò bọ̀. Ìdí nìyẹn tí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sínú ẹ̀ tó fúyẹ́ gan-an fi máa ń gbani lọ́wọ́ òtútù ju kótù okirika tó wúwo bí ẹrù lọ. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú ti ìyẹ́ yẹn.

Aṣọ àárín ló ń kó afẹ́fẹ́ yẹn pa mọ́, fúlíìsì, ìyẹn aṣọ pọliẹ́sítà tó rọ̀ múlọ́múlọ́, súwẹ́tà onírun àgùntàn, tàbí jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́. Òun gan-an ni ọ̀gá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn méjì yòókù, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ ni wọ́n. Nǹkan méjì ló máa ń ba afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ jẹ́. Ìkíní ni atẹ́gùn láti ìta, ó máa fẹ́ wọlé, á gbá afẹ́fẹ́ tí ara ẹ ti mú gbóná jáde, á fi tútù rọ́pò ẹ̀. Aṣọ tìta ló ń dí ìyẹn. Ìkejì ni omi. Omi sì lè ti ìta wá, ìyẹn yìnyín àti òjò, aṣọ tìta náà ló ń bá ẹ lé e, àmọ́ ó tún lè ti inú wá, ìyẹn òógùn tìẹ fúnra ẹ, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó kan ara ẹ ló gbọ́dọ̀ gbé ìyẹn kúrò lára kó tó di wàhálà. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ méjì yìí bá sùn, ọ̀gá tó wà láàárín ò lè ṣiṣẹ́, bó ti wù kó wọ́n tó lọ́jà.

Tádé_Ọ̀bàIlé:
Ẹ ṣeun gan-an Àǹtí, ó ti ń yé mi. Àmọ́ ti òógùn yẹn ni ò yé mi. Báwo lèèyàn ṣe máa làágùn níbi tó tutù tó yẹn? Kí sì ni síńgílẹ́ẹ̀tì ṣe, àbí kì í ṣe pé òwú dáa fún ara ni?

Àbúrò_Lísà:
Òwú dáa fún ara l'Ákùúrẹ́, nítorí nílé ohun tá à ń wá ni kí ara tutù. Òwú máa ń fa òógùn mu, á gbà á dúró, kì í tètè gbẹ, bó bá sì ti rin báyìí á lẹ̀ mọ́ ẹ lára. Omi máa ń gba ooru lára èèyàn ní ìlọ́po bíi 25 ju bí afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ṣe ń gbà á lọ. Nǹkan tó ń tù wá lára ní oṣù kẹta nílé nìyẹn, òun náà ló ń pa èèyàn lára ní Wínípẹ́ẹ̀gì. Tóo bá wá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, omi tó máa gbà dúró ló fi ìlọ́po mẹ́ta pọ̀ sí i yẹn.

Ti pé ṣé èèyàn máa làágùn, jẹ́ ká mú ìrìn ogún ìṣẹ́jú tìẹ yẹn. Ká ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní Jánúárì, ìwọ̀n òtútù wà ní -20, kì í ṣe ohun àjèjì níbẹ̀ rárá, atẹ́gùn wá ń fẹ́ ní kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan. Lára awọ tí ò ní aṣọ lórí, bíi -33 ló máa ṣe, àwọn tó ń kéde ojú ọjọ́ ní Kánádà a sì máa kìlọ̀ pé ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ òtútù lè jẹ awọ ara èèyàn tó bá ṣí sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n.

Ìwọ wá wọ gbogbo nǹkan, o sé gbogbo sípù, o gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, o jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ara ẹ ṣì ń bá òtútù jà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn lórí yìnyín kì í ṣe ìrìn lórí títì o, ẹsẹ̀ ń rì, o ń yára kí bọ́ọ̀sì má baà já ẹ sílẹ̀, ooru tí ara ẹ ń ṣe á fò sókè. Aṣọ mẹ́ta tóo sé pa ò jẹ́ kó rọ́nà jáde. Ibi ẹ̀yìn ẹ lábẹ́ báàgì ló máa kọ́kọ́ rin, lẹ́yìn náà àyà. O ò ní mọ̀ ọ́n lára torí pé o ń rìn. Ìgbà tóo bá wá dé ibùdókọ̀ tóo dúró, bọ́ọ̀sì ò tètè dé, ara ò ṣe ooru bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ omi yẹn ṣì wà lára ẹ, ó ń gba ooru lọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú jákẹ́ẹ̀tì olówó ńlá, wàá ní wọ́n lù ẹ́ ní jìbìtì lọ́jà. Jákẹ́ẹ̀tì ò ṣẹ̀ ẹ́, omi ni.

Nítorí náà ohun tí mo máa ń ṣe nìyí, kó o tó jáde, ṣí sípù tìta díẹ̀ níbi ọrùn. Ó yẹ kí òtútù mú ẹ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, tí ara ẹ bá ti gbóná dáadáa lẹ́nu ọ̀nà, wàá làágùn kóo tó dé ìdajì ọ̀nà. Bóo bá ń rìn tóo rí i pé ọrùn ẹ ti ń gbóná, ṣí sípù sí i, bọ́ ìbọ̀wọ́ fún ìṣẹ́jú kan, má dúró dìgbà tí òógùn bá jáde. Tó bá wá ku díẹ̀ kóo dé ibùdókọ̀, sé gbogbo ẹ̀ padà nígbà tóo ṣì gbóná, torí ooru tó wà nínú nísinsìnyí ló máa gbà ẹ́ sílẹ̀ tóo bá dúró. Tóo bá wọ bọ́ọ̀sì, inú ibẹ̀ gbóná gan-an, ṣí tìta pátápátá lójú ẹsẹ̀, bọ́ fìlà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń làágùn, inú bọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń làágùn, kì í ṣe ìta.

Èyí náà ni ìdáhùn sí jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó nípọn tóo béèrè. O ò lè bọ́ ìdajì ẹ̀.

Kẹ́mi_Alágbàká:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣé kí n máa wọ mẹ́ta yìí fún ọmọ mi tó wà ní násìrì náà? Ọyẹ́ ọdún yìí le, aago méje àárọ̀ ló ń jáde, ó sì máa ń wúkọ́.

Àbúrò_Lísà:
Rárá o ẹ̀gbọ́n mi, òtútù ibòmíràn là ń sọ. Ọyẹ́ Àkúrẹ́ súwẹ́tà kan tó, kí wọ́n sì bọ́ ọ fún un tí oòrùn bá ti yọ torí ọ̀sán ọyẹ́ máa ń gbóná. Ti ikọ́ yẹn, eruku ọyẹ́ lè fà á, kì í ṣe aṣọ ló máa yanjú ẹ̀, tí kò bá lọ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Màmá_Ṣeun_Ọ̀ndó:
Ọmọ mi Àbúrò Lísà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ẹ̀rí tèmi nìyí. Ọmọ mi obìnrin wà ní Mansẹ́sítà ní ìlú ọba, wọ́n ní jákẹ́ẹ̀tì ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló dáa jù, a tu owó jọ a ra a fún un. Ó wá pè mí pé òjò ló máa ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà, jákẹ́ẹ̀tì náà ti rọ̀ jọ́wọ́, ìyẹ́ inú ẹ̀ ti dì mọ́ra ní kọ́lọ́kọ́lọ́, òtútù ń wọlé sí i lára. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa ni?

Àbúrò_Lísà:
Màmá, ẹ ṣeun fún àdúrà, ó lè má jẹ́ ayédèrú rárá. Bí ìyẹ́ bá ti rin báyìí ó máa ń dì mọ́ra, kò ní gbé afẹ́fẹ́ dání mọ́, kò sì yàtọ̀ sí kí wọ́n má wọ nǹkan kan. Òtútù ti Mansẹ́sítà yàtọ̀ sí tiwa. Ní Wínípẹ́ẹ̀gì lọ́dọ̀ọ Tádé, ó tutù débi pé yìnyín gbígbẹ ni, téèyàn bá gbọ̀n ọ́n dànù ó ti tán, nítorí náà ìyẹ́ dáa níbẹ̀. Ní ìlú ọba òtútù ò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òjò ni, kí Àǹtí kékeré lọ wá fúlíìsì tàbí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi òwú pọliẹ́sítà kún inú ẹ̀ sáàárín, ìyẹn ṣì máa ń gbìyànjú tó bá rin, kí ó wá wọ aṣọ òjò gidi sí i lókè. Ti ìyẹ́ yẹn kí wọ́n má jù ú nù o. Kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ pẹ̀lú ooru kékeré, kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì méjì tó mọ́ sínú ẹ̀ kó máa gbá a, ìyẹ́ yẹn á tún tú ká padà. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ dénú, kí ó ní sùúrù, kí ó máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá kókó ṣì wà.

Màmá_Ṣeun_Ọ̀ndó:
Áà, mo gbọ́. Mò ń pè é nísinsìnyí.

Télọ̀_Ọjà_Ọba:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń rán aṣọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mi ò tíì dé òkè òkun ṣùgbọ́n aṣọ ni mo mọ̀. Ohun tí àwọn oníbàárà mi tó ń rìnrìn àjò kì í kíyè sí ni ìwọ̀n. Wọ́n á ra tìta tó bá ara wọn mu ṣinṣin nígbà tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì nìkan sábẹ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá wá fi súwẹ́tà tó nípọn sí i, tìta á fún un pa. Gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe sọ pé afẹ́fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, kí lo rò pé ó ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ inú aṣọ tí wọ́n fún pọ̀? Ó ti jáde. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni kó lẹ̀ mọ́ ara, kí aṣọ àárín ní àyè díẹ̀, kí tìta tóbi tó láti gbà wọ́n méjèèjì láì tẹ̀ wọ́n. Tóo bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tí etí jákẹ́ẹ̀tì fà sókè tí ìdí ẹ ṣí sílẹ̀, ó kéré.

Fún okirika náà, má wo bó ṣe nípọn. Kán omi sí ara tìta kóo wò ó, bí omi bá yí bíríbírí tó ṣàn kúrò ó dáa, bó bá wọlé lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe aṣọ tó ń lé omi mọ́. Kóo tún gbé e sẹ́nu, kóo fẹ́ atẹ́gùn sí i gidigidi. Bó bá jáde lódìkejì tí ọwọ́ ẹ mọ̀ ọ́n lára, atẹ́gùn ìlú yẹn náà á wọlé.

Bọ̀dá_Ìjàpọ̀:
Tó bá jẹ́ atẹ́gùn àti omi la fẹ́ dí, ṣé aṣọ òjò tí àwọn ọlọ́kadà ń wọ̀, tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, ò ní tó bí? Kò sí atẹ́gùn tó lè gba inú ìyẹn kọjá, kò sì wọ́n.

Àbúrò_Lísà:
Á dí atẹ́gùn o Bọ̀dá, dáadáa ni. Ìṣòro ẹ̀ ni pé òógùn ò ní rọ́nà jáde. Ooru òógùn tó ń jáde lára máa kan rọ́bà tó tutù yẹn, á di omi níbẹ̀, á tún ro padà sára aṣọ àárín. Ní òtútù tó le gan-an ó tiẹ̀ máa ń dì sínú jákẹ́ẹ̀tì, wàá ṣí i wàá rí yìnyín wẹ́wẹ́ ní inú ẹ̀. Àwọn tìta gidi ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú tó ń dí omi òjò àmọ́ tó ń jẹ́ kí ooru òógùn yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo sọ o, kò sí èyí tó lè gbé òógùn ẹni tó ń sáré, sípù ṣì ni àgbà. Fún Wínípẹ́ẹ̀gì tí òjò kì í sábà rọ̀ ní Jánúárì, ó dá mi lójú pé Tádé ò nílò èyí tó wọ́n jù, tìta tó ń dí atẹ́gùn dáadáa tó sì gùn bo ìdí ti tó.

Ọmọ_Ìdànrè:
Kágárì ní Kánádà ni mo wà. Mo fara mọ́ gbogbo nǹkan tí Àǹtí sọ, àmọ́ kí Tádé má ná owó lórí àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn. Pọliẹ́sítà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mò ń wọ̀, kò wọ́n, ó ń tètè gbẹ, ẹ̀rọ ìfọṣọ kì í bà á jẹ́. Ti irun àgùntàn tí mo rà, kòkòrò jẹ ẹ́ lu.

Àbúrò_Lísà:
Pọliẹ́sítà ń tètè gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ dalẹ́, òórùn ẹ̀ ò ṣeé bá jókòó. Irun àgùntàn lè fa omi tó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara ẹ̀ kó tó dà bíi pé ó tutù lára, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rùn. Èmi tí mò ń wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ò lè fi sílẹ̀.

Ọmọ_Ìdànrè:
Ọmọ ilé ìwé kọ́ ni ẹ̀yin Àǹtí, Tádé á lè fọ aṣọ lójoojúmọ́. Owó ni mò ń rò fún un.

Àbúrò_Lísà:
Kò burú, kí ó ra pọliẹ́sítà méjì kó máa pààrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ti ìbọ̀sẹ̀, irun àgùntàn ni kó rà, ibẹ̀ yẹn mi ò ní gbà fún ẹ.

Tádé_Ọ̀bàIlé:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Tí òtútù bá wá ń mú mi lọ́jọ́ kan, báwo ni màá ṣe mọ èyí tó kùnà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé mẹ́ta náà ni?

Àbúrò_Lísà:
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tóo dúró ló bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀yìn tàbí àyà ẹ tutù tó sì lẹ̀, fọwọ́ kàn án lábẹ́, òógùn ni, o wọ aṣọ jù nígbà tóo ń rìn tàbí kí àwọ̀tẹ́lẹ̀ ẹ jẹ́ òwú. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ nìkan ló ń mú ẹ, tóo bá ṣẹ́rí sẹ́yìn ògiri tó sì dáwọ́ dúró, tìta ló ń jò, wo ọrùn, ìdí jákẹ́ẹ̀tì àti ọrùn ọwọ́. Bí ara ẹ bá gbẹ táútáú, tí atẹ́gùn ò sí, tó ṣì ń mú ẹ, aṣọ àárín ò tó ni, tàbí kí tìta ti tẹ̀ ẹ́ pa bí Télọ̀ ṣe wí.

Ẹsẹ̀ kì í sábà làágùn tó àyà, méjì ti máa ń tó, àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn sábẹ́ ṣòkòtò. Jíìnsì lórí ẹ̀ ṣeé ṣe ní ọjọ́ gbígbẹ, ṣùgbọ́n òwú ni jíìnsì, atẹ́gùn máa ń gbà á kọjá, ní ọjọ́ -20 wá ṣòkòtò tó ń dí atẹ́gùn.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ìwé wọn kì í sábà sọ fún àwa aláwọ̀ dúdú. Wọ́n á ní bí òtútù bá ń jẹ awọ ara, á funfun tàbí kó pọ́n. Lára tiwa ó lè má hàn bẹ́ẹ̀, ó lè kàn ṣe bí eérú, tàbí kó má yàtọ̀ sí ojú rárá. Ìmọ̀lára ni kóo fi mọ̀ ọ́n. Etí, imú tàbí ìka tó ń dùn ẹ́ tẹ́lẹ̀ tí kò dùn ẹ́ mọ́ lójijì, tó kú tipiri, tó le bí o bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọlé kíá. Má fi ọwọ́ ra á, má fi yìnyín pa á, má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe gbígbóná, tí ìmọ̀lára ò bá sì padà lọ rí dókítà.

Bọ̀dá_Ìjàpọ̀:
Ẹ kú àlàyé Àǹtí. Tádé, fi síńgílẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kóo ra tìta láti ibí, torí òtútù á ti bá ẹ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ọmọ_Ìdànrè:
Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Kó ra ohun tó máa gbé e láti pápákọ̀ dé ilé, kó ra ti gidi lọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà ní ilé okirika tó pọ̀.

Àbúrò_Lísà:
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀díẹ̀, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó máa wá pàdé ẹ, Tádé. Tí ẹnì kan bá máa gbé jákẹ́ẹ̀tì wá sí pápákọ̀, kò sí wàhálà. Tí kò bá sí, má ti Àkúrẹ́ lọ pẹ̀lú kádígánì nìkan.

Tádé_Ọ̀bàIlé:
Kò sẹ́ni tó máa pàdé mi o. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ṣé mo lè wá sọ́dọ̀ yín ní Sátidé kẹ́ ẹ bá mi wo ọ̀kan l'Ọ́jà Ọba? Àti pé ti bàtà, ṣé kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì?

Télọ̀_Ọjà_Ọba:
Wá. Mú súwẹ́tà tóo máa wọ̀ láàárín dání, orí ẹ̀ la ó ti gbé e wò.

Àbúrò_Lísà:
Ìbọ̀sẹ̀ kan tó nípọn, onírun àgùntàn. Méjì nínú bàtà tó bá ẹ mu tẹ́lẹ̀ máa fún ẹsẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ ò ní lọ sí ọmọ ìka dáadáa, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ tutù. Ra bàtà tó tóbi ju tìẹ lọ díẹ̀, tí gbogbo ọmọ ìka ẹ lè máa jó nínú ẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ yẹn.